Ìwé Ẹnu Ọ̀nà ní Kaíró

Báà, táà, sáà, núúnù àti yáà: lẹ́tà márùn-ún yìí ló máa ń kọ́kọ́ da ojú rú fún ẹni tó bá ń ka ìwé Lárúbáwá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Bí wọ́n bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí láàrin ọ̀rọ̀, ara kan náà ni gbogbo wọn ní, eyín kékeré kan tó yọ sókè lórí ìlà. Ẹ̀kán tàdáwà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀kán kan lábẹ́ eyín ni báà, méjì lókè ni táà, mẹ́ta lókè ni sáà, ẹyọ kan lókè ni núúnù, méjì lábẹ́ ni yáà. Mú ẹ̀kán wọ̀nyí kúrò, eyín lásán ló kù.

Tánbíhù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń kọ sórí ìwé ìkìlọ̀ ní Íjíbítì, ìyẹn ni pé kí ẹni tó ń kọjá fiyè sí i. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: táà, núúnù, báà, yáà, kí háà tó wá tì í lẹ́yìn. Eyín mẹ́rin tò léra wọn láìsí ohunkóhun láàrin wọn. Bí ẹ̀kán bá sọnù, eyín kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ èyíkéyìí nínú lẹ́tà márùn-ún, ọ̀nà 625 ló sì wà láti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ará Kaíró kì í wo ẹyọ kan nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn. Ó ti rí i pé ìwé wà lára ilẹ̀kùn, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá dúró lókè tí wọ́n fa ìlà sí nídìí, ó ti kà á tán kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi kì í ṣe ará Kaíró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ láti kàwé ni, ó ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ sí. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Lárúbáwá. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ, bàbá wa ló kọ́ ọ ní wàláà, ó ti parí Kùránì kó tó wọ ilé-ìwé girama, ó sì lè jókòó tú gírámà ìwé tí àwọn àgbà mìíràn ń sá fún. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, fọ́tò kan wọlé sórí Wasáàpù mi. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú ni, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà kan mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni wọ́n ní kí n gé omi ilé yìí lóru òní? Kí ló sì kan àwọn Hánáfì nínú ọ̀rọ̀ omi?”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà lójú, mo rí i pé ohun tó kà kì í ṣe ìsọkúsọ. Ibi kọ̀ọ̀kan tó ti yà kúrò lọ́nà ló ní ìdí tí gírámà tàbí ìmọ̀ ẹ̀sìn lè gbè lẹ́sẹ̀. Mo ní kó má tíì sùn.

Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ bá wí. Orí àtẹ̀gùn ló dúró sí tó fi yà á láti ìsàlẹ̀, iná fóònù sì kọ mànà lórí sẹ́lótéèpù, ó bo apá kan ìlà kejì. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán tó wà níbẹ̀ lè parẹ́, èyí tí kò sí níbẹ̀ lè yọjú: ihò abẹ́rẹ́, ìdọ̀tí eṣinṣin, èérún ọ̀dà lára ilẹ̀kùn. Nítorí náà ibi tí ẹ̀kán gidi gbé parí àti ibi tí àbàwọ́n gbé bẹ̀rẹ̀ kò ṣe é mọ̀. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ padà, kó pa iná fóònù, kó dúró gangan níwájú bébà náà, kó sì ya ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ̀kán tó bá ti ọwọ́ akọ̀wé wá máa ń nípọn tó ojú gègé tó fi kọ lẹ́tà, ó sì máa ń dagun sí ibi tí lẹ́tà dagun sí. Àbàwọ́n kì í ní ìtọ́sọ́nà kankan. Fọ́tò kejì dé, ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ kedere, ọjọ́ sì wà ní igun ìsàlẹ̀.

Síbẹ̀ kíkedere rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di kíkà. Rúkúà ni wọ́n fi kọ ọ́. Rúkúà ni ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn akọ̀wé ìjọba Ọ́tómánì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sì di ọwọ́ tí ará Íjíbítì fi ń kọ ìwé sí aya rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ àti sí ara ilẹ̀kùn. Ìyára ni wọ́n fi ṣe é. Akọ̀wé rẹ̀ kì í gbé gègé sókè bí kò bá pọn dandan, nítorí náà ẹ̀kán méjì di ìlà kúkúrú kan, ẹ̀kán mẹ́ta di fìlà ṣóńṣó kékeré kan. Eyín mẹ́ta tí sínì máa ń ní a tẹ́jú, a di ìlà gbọọrọ. Ojú míímù àti ti fáà a dí pa. Ẹni tó fi Kùránì mọ̀wé kò bá irú èyí pàdé rí, nítorí ọwọ́ násíkì ni Kùránì tí wọ́n tẹ̀ ní Kaíró ní ọdún 1924 àti ọ̀pọ̀ èyí tó tẹ̀lé e, níbi tí lẹ́tà ti dúró tó wọ́n, tí ẹ̀kán ti pé, tí àmì fáwẹ̀lì sì wà lórí àti lábẹ́ lẹ́tà.

Ti ìdílé wa tún wá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ àwọn ará Mọ̀gíríbù, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá, ni àwọn àfáà àtijọ́ ní ilẹ̀ wa fi kọ́ wa. Nínú ọwọ́ yẹn, abẹ́ ni ẹ̀kán fáà máa ń wà, kọ́ọ̀fù sì máa ń ní ẹyọ kan lókè. Ní Kaíró, fáà ló ní ẹyọ kan lókè, kọ́ọ̀fù ní méjì. Ọmọ náà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa nínú ìwé títẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ìwé ọwọ́, ọwọ́ bàbá wa lórí wàláà ni ojú rẹ̀ padà sí, ó sì ka ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà kẹta sí hanakíyáàtì. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rántí pé Kaíró lòun wà, ó yí kọ́ọ̀fù padà sí fáà, ó di hanafíyáàtì. Ìgbà tó tún un ṣe dáadáa yìí gan-an ló bọ́ sínú ọ̀fìn.

Ẹ jẹ́ ká fi Hánáfì sílẹ̀ díẹ̀ ná, ká lọ sí ìlà kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ gígé omi wà. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ ìlà náà: sínì tó ń fi hàn pé nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà táà, kọ́ọ̀fù, tọ́ọ̀ àti áyínì. Omi ló tẹ̀lé e. Nínú Kùránì, àmì yóò wà lórí táà yẹn. Bí àmì “a” bá wà níbẹ̀, “satákítaù” ni, ìwọ yóò gé omi. Bí àmì “u” bá wà níbẹ̀, “satúkítaù” ni, wọn yóò gé omi. Lẹ́tà kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Àmì tín-ín-rín kan ló wà láàrin pé wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan àti pé ìwọ ni kí o lọ ṣe é, àmì yẹn sì ni kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ ní Íjíbítì bí kò ṣe nínú Kùránì, nínú ìwé àwọn ọmọdé àti níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè mú ìjà wá. Ẹni tó bá fi àmì sórí gbogbo lẹ́tà nínú ìwé ìkìlọ̀ á dà bí ẹni tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní álífábẹ́ẹ̀tì.

Mo bi í pé kí ló jẹ́ kó mú “a”. Ó ní: “Bàbá, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń kà á.” Mo gbà pé ìdáhùn gidi ni. Lórí wàláà, ẹni tó ń kà á ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀, “ìwọ” inú rẹ̀ sì máa ń di ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Ọmọ tó ti kékeré kàwé báyìí kò ní í pẹ́ gbà pé òun ni ìwé ń bá wí.

Mo wá ní kó wo ìlà kẹta. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni “pẹ̀lú ìrètí”, èyí tí àwọn ọ́fíìsì Íjíbítì ń lò níbi tí àwa ti máa ń sọ pé “ẹ jọ̀ọ́”. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “títì”, ọ̀rọ̀ orúkọ, tí kò ní “ìwọ” tàbí “ẹ̀yin” nínú. Bí akọ̀wé bá ti ń pe ẹnì kan ní “ìwọ” ní ìlà kejì, kò ní í ṣàdédé sọ ọ́ nù ní ìlà kẹta. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ tàbí ní ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló sọ, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí wọ́n ń retí. “U” ni, a ó gé omi. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú fóònù.

Títì kí ni? Ibẹ̀ ni Hánáfì ti wọlé. Ọmọ Ìlọrin tó kàwé ẹ̀sìn mọ ilé-ìmọ̀ òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Máálíkì tó jẹ́ tiwa, Hánáfì, Ṣáfíì àti Hámbálì. Tó bá rí “títì àwọn Hánáfì”, kí ni kó rò? Ó rò pé kíláàsì àwọn tó ń ka òfin Hánáfì ni wọ́n fẹ́ tì pa. Ó tilẹ̀ ti ronú pé bóyá iyàrá kan wà lókè tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, tí omi ń jò síbẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ni hanafíyà ní Kaíró, ẹnu ẹ̀rọ tí à ń yí kí omi tó jáde. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ omi kọ́kọ́ dé, àwọn onímọ̀ kan kò fẹ́ kí wọ́n fi ṣe àlùwàlá, nítorí ohun tuntun ni. Àwọn onímọ̀ Hánáfì ló ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, ó sì rọrùn fún àwọn èèyàn. Orúkọ wọn sì lẹ̀ mọ́ irin náà. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé ọmọ wa kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kejì. Hánáfì tó rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó kàn ti di ẹnu ẹ̀rọ kó tó dé Kaíró ni.

Ó wá ku aago. “Láti aago méjì òru sí aago márùn-ún” ni ọmọ náà kà, ó sì ti ń ṣírò pé kí òun dìde ní aago kan kí òun fi omi kún ike. Òǹkà tí wọ́n fi ń kọ aago níbẹ̀ ni èyí tí a mọ̀ nídìí àwọn áyà Kùránì: márùn-ún dà bí òdo wa, òdo wọn sì jẹ́ ẹ̀kán lásán. Márùn-ún kò ṣì í lọ́nà. Méjì àti mẹ́ta ló fa wàhálà. Nínú ìwé títẹ̀, méjì jẹ́ ọ̀pá tó ní kọ́ńdọ́ kan lórí, mẹ́ta ní méjì. Tí ará Íjíbítì bá ń fi ọwọ́ kọ ọ́, kò ní sùúrù fún kọ́ńdọ́ méjì. Mẹ́ta rẹ̀ á ní kọ́ńdọ́ kan ṣoṣo, á sì jọ méjì inú ìwé títẹ̀, nígbà tí méjì rẹ̀ á di ìkọ́ lásán tí kò ní kọ́ńdọ́. Ẹni tó bá fi ojú ìwé títẹ̀ ka ìwé ọwọ́ á fi wákàtí kan dín mẹ́ta kù.

Kò sí ìdí láti méfò, nítorí akọ̀wé ti fi ẹ̀rí sílẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tó kọ níbẹ̀ ni ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní, èyí tí òǹkà méjì àti mẹ́ta ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti ọwọ́ kan náà. Ọmọ náà mọ ọjọ́ tí a wà. Mo ní kó fi àwòrán òǹkà tó wà nínú aago wé àwọn méjèèjì. Kọ́ńdọ́ kan ló ní, bíi ti mẹ́ta inú ọjọ́. Aago mẹ́ta sí márùn-ún ni, sọ́ọ̀dì tó wà lẹ́yìn òǹkà kọ̀ọ̀kan sì ni ìkékúrú “òwúrọ̀”. Ìrun Àsùbáà ní Kaíró kì í wọlé kí aago márùn-ún tó kọjá nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí náà ẹni tó fún wọn ní wákàtí yẹn ti ro ti àlùwàlá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn.

Gbogbo èyí ni lẹ́tà sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọmọ náà ni mo bi í gbẹ̀yìn, pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Ó ní: “Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí géètì. Wọ́n yọ páìpù ńlá kan síta. Bàbá ọlọ́dẹ ń pariwo ‘máyà, máyà’ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá.” Máyà ni omi ní ẹnu àwọn ará Kaíró. Míyáà ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé. Ọlọ́dẹ ti ka ìwé náà sókè fún un kó tó gun àtẹ̀gùn, kò kàn mọ̀ pé ìwé kan náà ni. Ẹni tó bá ti rí páìpù náà tó sì ti gbọ́ ọlọ́dẹ yóò mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gé omi. Kò ní í wá “a” tàbí “u” lọ síbì kankan.

Kí wọ́n máa kọ ìwé láìfi gbogbo àmì sí i, fún ẹni tó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àṣà òde òní. Ìwé Lárúbáwá kan wà ní ilé-ìkówèésí ìjọba Ọ́síríà ní Fìẹ́nà, tí wọ́n kọ sórí pápírọ́sì ní Íjíbítì ní ọdún 22 lẹ́yìn Hìjírà, èyí tó jẹ́ 643. Ìwé ẹ̀rí ni, nípa àgùntàn 65 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gíríìkì àti Lárúbáwá. Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹ̀kán wà lórí díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà Lárúbáwá rẹ̀, tí kò sì sí lórí àwọn tó kù. Akọ̀wé náà mọ ẹ̀kán, ó kàn lò ó níbi tó wù ú ni. Ẹni tó mú àgùntàn wá àti ẹni tó gbà á jọ wà níbẹ̀, wọ́n mọ iye rẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́. Ìwé náà wà láti rán wọn létí ohun tí wọ́n ti mọ̀, kì í ṣe láti sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí a bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sára ògiri láìfi àmì ohùn sí i: ará àdúgbò a kà á, àlejò a dúró máa wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mí ni ìlà kẹta. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ pa kí wọ́n tó sùn, nígbà tí omi kò ní í sí? Nítorí pé ẹnì kan á dìde lóru, á yí ẹ̀rọ, kò ní í rí omi, á sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Aago márùn-ún á lù. Atẹ́gùn inú páìpù á kọ́kọ́ tú jáde pẹ̀lú ariwo, omi pupa á tẹ̀lé e, omi gidi á wá dé nígbà tí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ ti padà sùn. Bí aṣọ tàbí ọṣẹ bá dí ẹnu ihò àwo ìwẹwọ́, omi á kún un, á bọ́ sílẹ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé orí àtẹ̀gùn. Ta ló wá lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé náà kò ní í ṣe é, nítorí ó ti gbọ́ ti ọlọ́dẹ. Àlejò ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà nítorí pé kò lè ka rúkúà. Àwọn tí kò nílò ìwé náà ló lè kà á. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ gan-an ni kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà. Ó ní òun ń bọ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tuntun tó wà ní àjà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe ẹ̀rọ àti aago fún àwọn tí èdè wọn kò bá tirẹ̀ mu, kó tó padà wá kí mi pé ó dàárọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń mú ìwé ẹ̀rí ọjà àti ìwé ìkìlọ̀ Lárúbáwá wọ kíláàsì mi ní Ìlọrin, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ láìsí àmì. N kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ka lẹ́tà kankan kí wọ́n tó kọ́kọ́ sọ fún mi ibi tí wọ́n rò pé bébà náà wà rí, ẹni tó ṣeé ṣe kó kọ ọ́, àti nǹkan tó ń bẹ̀rù pé ó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá kà á. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń ṣòro fún wọn jù, òun náà ló sì máa ń ṣí ìwé jù. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé olùtọ́jú ilé ń bẹ̀rù omi lórí àtẹ̀gùn, kódà bí ẹ̀kán mẹ́rin bá sọnù, kò lè ka Hánáfì sí nǹkan mìíràn ju ẹ̀rọ omi lọ.